Ọjà Tó Ń Padà Wá: Èwo Ló Ń Jẹ Èrè Ṣọ́ọ̀bù Kékeré Jù?

Ẹni tó bá ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọjà tó jáde ló máa dúró sọ́dọ̀ ẹni tó rà á. Gáùn á padà wá pé ó fún, bàtà á padà wá pé ó tóbi, bílẹ́ńdà á padà wá pẹ̀lú jọ́ọ̀gì fífọ́. Bí a bá bi ọlọ́jà pé èwo nínú ọjà rẹ̀ ló ń gbọ́n èrè lọ jù, èyí tó ń padà wá lemọ́lemọ́ ló máa dárúkọ. Òun ni ojú ń rí, òun ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ pe fóònù. Àmọ́ èyí tó ń padà wá jù lè má jẹ́ èyí tó ń náni lówó jù.

Ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn ọlọ́jà ń gbà ka ọjà tó padà. Àwọn kan ń ka iye rẹ̀. Àwọn mìíràn ń wo ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló padà. Àwọn díẹ̀ ń ṣírò owó tó bá a lọ. Àwọn tó kù sì ń to ìdí tí oníbàárà sọ jọ. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń fi hàn àti ohun tó ń fi pa mọ́. A ó gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì fi ìṣirò ṣọ́ọ̀bù kan tẹ̀ lé e. Ṣọ́ọ̀bù náà kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Àpẹẹrẹ ni a fi ṣe kí ọ̀rọ̀ lè yéni. Ká gbà pé ó wà n'Íbàdàn, pé orí WhatsApp àti Instagram ló ti ń gba iṣẹ́, àti pé ọjà mẹ́ta ló gbé owó rẹ̀ dúró: gáùn àǹkàrá, bàtà pàmù ọkùnrin, àti bílẹ́ńdà.

Ọjà tó padà kì í ṣe oríṣi kan

Kí a tó kà á rárá, ó yẹ ká ya oríṣi mẹ́ta sọ́tọ̀. Láti 2012 tí Jumia àti Konga ti bẹ̀rẹ̀ òwò ní Nàìjíríà ni sísanwó nígbà tí ọjà bá délé ti gbilẹ̀ láàárín wa. Àṣà yẹn ló bí oríṣi àkọ́kọ́, ìyẹn ọjà tí oníbàárà kò tilẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá. Ọlọ́kadà dé ẹnu ọ̀nà, ó pè é, kò gbé fóònù. Tàbí ó gbé e, ó ní owó òun kò tíì wọlé. Ọjà yẹn padà wá láìtú. Kò sí ẹ̀sùn kankan tí a lè fi kan ọjà náà fúnra rẹ̀. Àdúgbò tí wọ́n gbé e lọ, iye ọjọ́ tó gbà kó tó dé, àti bóyá wọ́n pe oníbàárà kí wọ́n tó gbéra ni ohun tó yẹ ká fi wò ó. Bí a bá da á pọ̀ mọ́ àwọn yòókù, ọjà tó dára lè gba orúkọ burúkú kìkì nítorí pé ọ̀nà jíjìn ni àwọn tó ń rà á ń gbé.

Oríṣi kejì ni èyí tí oníbàárà gbà, tó tú, tó sì dá padà. Òun gan-an ni a ń bá wí nínú àgbéyẹ̀wò yìí.

Oríṣi kẹta ni ó rọrùn láti gbàgbé. Ọjà náà kò padà wá, ṣùgbọ́n ó náni lówó. Oníbàárà ní síìpù gáùn òun ti já. Ọlọ́jà bẹ̀ ẹ́, ó fi ₦3,000 ránṣẹ́ sí i kó fún télọ̀ àdúgbò rẹ̀. Wọ́n parí rẹ̀ sínú WhatsApp, kò sì wọ inú ìwé kankan. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ nígbà mẹ́wàá, ₦30,000 ti lọ, gáùn náà á sì máa dà bí ọjà tí kò ní àléébù. Pàṣípààrọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀: bí a kò bá dá owó padà, tó jẹ́ pé sáìsì mìíràn la fi ránṣẹ́, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ti jáde lápò. Gbogbo ìwọ̀nyí yẹ kó ní ìlà tirẹ̀ nínú ìwé.

Iye àti ìdá: ibi tí wọ́n ti ń ṣini lọ́nà

Ká wo ohun tí ṣọ́ọ̀bù wa tà láàárín oṣù mẹ́fà.

| Ọjà | Iye tí a tà | Iye tó padà | Ìdá nínú 100 |
|---|---|---|---|
| Gáùn àǹkàrá | 400 | 60 | 15 |
| Bàtà pàmù | 200 | 24 | 12 |
| Bílẹ́ńdà | 150 | 12 | 8 |

Bí a bá fi iye lásán wò ó, gáùn ló burú jù. Bí a bá fi ìdá wò ó, gáùn náà ni, bílẹ́ńdà sì ni ó mọ́ jù. Ìdá sàn ju iye lọ lóòótọ́, nítorí pé ọjà tí a tà púpọ̀ kò ní ṣaláì padà púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó gba ìdá kankan gbọ́, ó yẹ ká béèrè ohun tí wọ́n fi pín in.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ ni pé wọ́n máa ń fi ọjà tí wọ́n tà lóṣù kan pín ọjà tó padà lóṣù kan náà. Ká ní ṣọ́ọ̀bù wa ta gáùn 100 ní oṣù Kejìlá nítorí ọdún, tó sì ta 30 péré ní oṣù Kìíní. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ lè kọjá láàárín ìgbà tí oníbàárà sanwó àti ìgbà tí gáùn padà dé ṣọ́ọ̀bù. Bí 15 nínú gáùn oṣù Kejìlá bá padà dé ní oṣù Kìíní, ìwé á sọ pé 15 padà nínú 30, ìyẹn ìdajì gbogbo ohun tí a tà. Ọlọ́jà á ta gìrì, á lọ bá télọ̀ jà, bẹ́ẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju 15 nínú 100 lọ. Ohun tó tọ́ ni pé kí ọjà tó padà máa tẹ̀ lé ọjọ́ tí a tà á, kì í ṣe ọjọ́ tó padà. Èyí túmọ̀ sí pé a kò lè ṣèdájọ́ oṣù kan títí àkókò ìdápadà rẹ̀ á fi kásẹ̀ nílẹ̀. Bí ọjọ́ méje ni ṣọ́ọ̀bù fi sílẹ̀ fún oníbàárà, tí ọjà sì ń gba ọjọ́ mẹ́wàá lójú ọ̀nà lápapọ̀, a jẹ́ pé títà ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta kò ní ní àbájáde tó pé kí ó tó di nǹkan bí ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹrin.

Àwọn Yorùbá tó ń ta aṣọ láti Lọ́ńdọ̀nù ní láti dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà tí ìjọba Bírítéènì gbé jáde ní 2013 fún ẹni tó rajà láti òkèèrè ní ọjọ́ 14, láti ìgbà tí ọjà ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, láti sọ pé òun kò ṣe mọ́, àti ọjọ́ 14 mìíràn láti fi dá a padà. Aṣọ tí wọ́n rán sí ìwọ̀n ara oníbàárà fúnra rẹ̀ kò sí lábẹ́ ẹ̀tọ́ yìí. Fún ìdí èyí, ẹni tó ń ta gáùn tí wọ́n ti rán sílẹ̀, tó tún ń gba iṣẹ́ rírán, kò gbọ́dọ̀ da méjèèjì pọ̀ sójú ìlà kan, nítorí ìdá kékeré ti apá kejì á bo ti apá kìíní mọ́lẹ̀.

Owó: kí ni ìpadàbọ̀ kan ń náni?

Ibí ni ìtàn ti yí padà. Bí gáùn ₦18,000 bá padà tí a sì dá ₦18,000 fún oníbàárà, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà á kọ ₦18,000 sílẹ̀ bí òfò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gáùn ti padà sílé. Bó bá ṣì ṣeé tà ní iye kan náà, òwò yẹn kàn dà bí èyí tí kò wáyé ni. Òfò ni ohun tí a ná tí kò ní padà, pẹ̀lú ohun tó dín kù lára iyì ọjà náà.

Fún gáùn ṣọ́ọ̀bù wa, a ná ₦2,000 láti gbé e lọ, a ná ₦2,000 láti gbé e bọ̀. Iléeṣẹ́ tó gba owó lọ́wọ́ oníbàárà ti yọ tirẹ̀: Paystack, fún àpẹẹrẹ, ń yọ 1.5% pẹ̀lú ₦100 lórí owó abẹ́lé tó bá tó ₦2,500, èyí tó jẹ́ ₦370 lórí ₦18,000. Ọ̀rá tuntun, lílọ aṣọ àti àkókò ẹni tó tún un dì gba ₦430. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦4,800. Gáùn náà padà sórí àtẹ, kò dín ní nǹkan kan.

Pàmù ₦16,000 fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọ́: ₦4,000 fún ọkọ̀ lọ bọ̀, ₦340 fún ìsanwó, ₦160 fún páálí. Ó jẹ́ ₦4,500.

Bílẹ́ńdà ₦40,000 ni tirẹ̀ yàtọ̀. Àwọn méje nínú méjìlá padà pẹ̀lú jọ́ọ̀gì fífọ́. Ìlú mìíràn ni wọ́n lọ, nítorí náà ọkọ̀ jẹ́ ₦4,500 ní àlọ àti ₦4,500 ní àbọ̀. Ìsanwó jẹ́ ₦700, dídì jẹ́ ₦300. Ṣọ́ọ̀bù ra ẹ̀rọ náà ní ₦34,000. Nígbà tí jọ́ọ̀gì rẹ̀ fọ́ tí wọn kò rí irú rẹ̀ rà lọ́tọ̀, ₦18,000 ni atúnṣẹ́ kan san fún un. ₦16,000 ti wọmi. Àpapọ̀ òfò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦26,000. Àwọn márùn-ún tó kù kò fọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti tú páálí wọn, a sì ní láti fi ₦8,000 dín owó wọn kí ẹnìkan tó rà wọ́n. Pẹ̀lú ₦6,000 ọkọ̀ àti ìnáwó kéékèèké, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦14,000.

Nígbà tí a bá sọ gbogbo rẹ̀ di owó, gáùn gba ₦288,000, bílẹ́ńdà gba ₦252,000, pàmù gba ₦108,000. Bílẹ́ńdà tó mọ́ jù lójú ìdá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá gáùn dọ́gba, bẹ́ẹ̀ méjìlá péré ló padà.

Ìṣirò kan ṣì kù, èyí tí mo kà sí òpó ọ̀rọ̀ náà. Ẹ mú owó ìpadàbọ̀ ọjà kan, ẹ fi gbogbo ẹyọ tí ẹ tà pín in, ìyẹn èyí tó padà àti èyí tí kò padà. Ohun tó bá jáde ni owó orí tí ìpadàbọ̀ ń gbà lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Fún gáùn, ₦288,000 pín sí 400 jẹ́ ₦720. Fún pàmù, ó jẹ́ ₦540. Fún bílẹ́ńdà, ó jẹ́ ₦1,680. Kí a wá fi wọ́n wé èrè. Gáùn ń mú ₦6,000 wọlé lórí ẹyọ kan, nítorí náà ìpadàbọ̀ ń jẹ ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún èrè rẹ̀. Pàmù ń mú ₦5,400 wọlé, ó ń jẹ ìdá 10. Bílẹ́ńdà ń mú ₦5,000 péré wọlé, nítorí pé owó tí wọ́n fi rà á sún mọ́ iye tí wọ́n ń tà á. Ìpadàbọ̀ sì ń jẹ ìdá tó lé ní 33, ìdá kan nínú mẹ́ta èrè.

Ìdáhùn méjì la wá ní, méjèèjì ló sì tọ́. Gáùn ló ń gba owó jù lápapọ̀. Bílẹ́ńdà ló ń gba owó jù lórí ẹyọ kan, òun ló sì lè sọ òwò di òfò bí ṣọ́ọ̀bù bá gbìyànjú láti tà á púpọ̀ sí i. Ẹni tó ń ronú nípa ibi tí owó tó ti lọ wà á wo ti àkọ́kọ́. Ẹni tó ń ronú nípa ọjà tó fẹ́ fi owó ìpolówó tuntun sí á wo ti kejì.

Ìdí: ohun tí oníbàárà sọ àti ohun tí ojú rí

Mímọ ọjà tó ń náni lówó kò tíì sọ ohun tí a máa ṣe. Ìdí ló ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìdí náà kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó dúró lójú kan.

Àkọ́kọ́, ohun tí òfin ṣọ́ọ̀bù bá fi èrè sí ni oníbàárà máa sọ. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Nàìjíríà kì í gba ọjà padà bí oníbàárà bá kàn yí ọkàn padà, tàbí kí wọ́n ní kó san owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní ọjà náà ní àléébù, wọ́n á gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti 2018, ní abala 122, náà fún ẹni tó ra ọjà tí kò bá ohun tó sọ pé òun fẹ́ lò ó fún mu ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà. Nítorí náà, ẹni tí ọkọ rẹ̀ bínú sí owó bílẹ́ńdà kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Á ní kò ṣiṣẹ́. Ní Bírítéènì, níbi tí òfin kò ti béèrè ìdí láàárín ọjọ́ 14 yẹn, irọ́ kò wúlò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò ní kọ nǹkan kan sílẹ̀ rárá.

Ìkejì, bí fọ́ọ̀mù bá to ìdí mẹ́wàá sílẹ̀, ẹni tí ara ń kán á tẹ èyí tó wà lókè pátápátá. Bí ìdí tó wà lókè bá ń gba ìbò jù, ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ìbò rẹ̀ bá já wálẹ̀, ipò rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù ló ń mú un pọ̀. Ìdí mẹ́fà tàbí méje tó: ó fún tàbí ó kéré, ó tóbi, kò jọ fọ́tò, ó fọ́ tàbí ó ya, kò ṣiṣẹ́, ọjà mìíràn lẹ fi ránṣẹ́, mo yí ọkàn padà. Ẹ má ṣe pa «ó kéré» àti «ó tóbi» pọ̀ sí «sáìsì kò bá mi mu», nítorí pé àtúnṣe ọ̀kan jẹ́ òdìkejì ti èkejì. A óò rí ohun tí ìyẹn fà láìpẹ́.

Ìkẹta ni pé kí ìwé ní òpó méjì fún ìdí: ohun tí oníbàárà sọ, àti ohun tí ẹni tó tú páálí ní ṣọ́ọ̀bù rí. Nínú bílẹ́ńdà méjìlá ṣọ́ọ̀bù wa, mẹ́ta ni wọ́n kọ «kò ṣiṣẹ́» sí lára. Nígbà tí wọ́n gbé wọn sórí tábìlì, ọ̀kan ni mọ́tò rẹ̀ kò dún lóòótọ́. Àwọn méjì tó kù ṣiṣẹ́ gẹ́lẹ́ nígbà tí wọ́n yí jọ́ọ̀gì títí ó fi há. Ọ̀pọ̀ bílẹ́ńdà ní bọ́tìnì ààbò kékeré nísàlẹ̀ tí kì í jẹ́ kí mọ́tò gbéra bí jọ́ọ̀gì kò bá jókòó dáadáa. Ẹni tí kò mọ̀ á tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní dún. Bí a bá gba ọ̀rọ̀ oníbàárà nìkan, a ó lọ bá ẹni tó ń kó ẹ̀rọ wá fún wa jà lórí ẹ̀rọ mẹ́ta. Òpó kejì fi hàn pé ẹjọ́ rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀rọ kan, àti pé fídíò kékeré tó fi bí wọ́n ṣe ń há jọ́ọ̀gì hàn, tí a fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rìsíìtì, lè gba méjì yòókù là.

Níbi tí ọjà àti ìdí ti pàdé

Ìgbésẹ̀ tó kù ni kí a to ọjà sí apá òsì, kí a to ìdí sókè, kí a sì kọ owó sínú àyè ibi tí wọ́n ti pàdé. Owó ni ká kọ síbẹ̀, kì í ṣe iye. Bí ìwé ìdápadà bá wà lójú ewé kan tó ń jẹ́ `Idapada`, tí orúkọ ọjà wà ní òpó B, ìdí tí a fojú rí ní òpó E, owó ní òpó G, fọ́múlà kan tó nínú Excel tàbí Google Sheets:

```
=SUMIFS(Idapada!$G:$G, Idapada!$B:$B, $A2, Idapada!$E:$E, B$1)
```

Ẹ kọ ọ́ sí `B2`, kí ẹ fà á sí ọ̀tún àti sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn àyè tó bá tóbi jù ni kí a tú sí wẹ́wẹ́: fún aṣọ, sáìsì àti àwọ̀, fún ohun tó ń fọ́, ọ̀nà tó gbà lọ.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí gáùn. Nínú 60 tó padà, 33 jẹ́ sáìsì 14, bẹ́ẹ̀ ẹyọ 100 péré ni wọ́n tà nínú sáìsì yẹn. Nínú 300 sáìsì yòókù, 27 ló padà, ìyẹn ìdá 9. Ìdá 15 tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kì í ṣe ti gáùn kankan ní pàtó. Àpòpọ̀ 33 àti 9 ni. Nínú 33 yẹn, 27 ní ó fún láyà. Wọ́n mú gáùn sáìsì 12 márùn-ún àti sáìsì 14 márùn-ún lórí àtẹ, wọ́n tẹ́ wọn sílẹ̀, wọ́n sì fi téèpù wọn àyà láti abẹ́ apá kan sí èkejì. Ó yẹ kí àyíká àyà sáìsì 14 fi nǹkan bí ínṣì méjì ju ti 12 lọ. Níhìn-ín, ààbọ̀ ínṣì ló fi jù ú. Pátánù tí télọ̀ fi ń gé sáìsì 14 ni kò dára. Àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ pátánù tuntun, àti pé kí àwọn tó ṣẹ́kù lórí àtẹ gba àmì 12 kí wọ́n tó tà wọ́n. Owó tí 27 yẹn gbé lọ jẹ́ ₦129,600.

Bílẹ́ńdà ni ó tẹ̀ lé e. Méjèèje tó fọ́ ni wọ́n fi wébíìlì ránṣẹ́ láti gáréèjì sí ìlú mìíràn. Nínú 150 tí wọ́n tà, 60 ló gba gáréèjì lọ, 90 ló dúró sáàárín ìgboro Ìbàdàn, ọlọ́kadà sì gbé wọn lọ. Nínú 90 yẹn, kò sí ọ̀kan tó fọ́. Ẹ̀rọ náà kò ní àléébù. Inú búùtù, lábẹ́ àpò ìrẹsì, ni jọ́ọ̀gì ti ń fọ́. Kí wọ́n fi fóòmù wé jọ́ọ̀gì lọ́tọ̀, kí wọ́n sì fi páálí bọ inú páálí lè gba ₦600 lórí ẹyọ kan. Fún 60 tó ń lọ sẹ́yìn ìlú, ó jẹ́ ₦36,000. Bí fóòmù yẹn bá gba méjì péré là nínú méje, ₦52,000 ló bọ́ sápò, ó ti ju owó rẹ̀ lọ. A kò fi àwọn 90 ti ìgboro kún un, nítorí pé kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n.

Pàmù ń kọ́? Nínú 24, mẹ́sàn-án ní ó kéré, mẹ́jọ ní ó tóbi, mẹ́rin ní àwọ̀ rẹ̀ kò jọ fọ́tò, mẹ́ta yí ọkàn padà. Bí ṣọ́ọ̀bù bá ti pa «ó kéré» àti «ó tóbi» pọ̀, á rí 17 nínú 24 lábẹ́ «sáìsì», á sì yí nọ́ńbà gbogbo bàtà padà. Ìyẹn ì bá jẹ́ àṣìṣe ńlá. Mẹ́sàn-án àti mẹ́jọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba báyìí ń sọ pé nọ́ńbà bàtà náà wà láàárín gan-an. Ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ni kò dọ́gba. Bí wọ́n bá sọ bàtà di ńlá, «ó kéré» á dín kù, «ó tóbi» á sì pọ̀ sí i. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe sí pàmù ni pé kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ẹ wá wo àròpọ̀. Ọjà 96 ló padà, ₦648,000 ni gbogbo rẹ̀ ná ṣọ́ọ̀bù náà. Àyè méjì, gáùn sáìsì 14 tó fún àti bílẹ́ńdà tó fọ́ lójú ọ̀nà, ní ìpadàbọ̀ 34 péré, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ₦311,600, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Bí a bá wo ọjà nìkan, a ó bá gbogbo gáùn jà. Bí a bá wo ìdí nìkan, a ó rí «sáìsì» lókè pátápátá, a ó sì fọwọ́ kan bàtà tí kò ṣe nǹkan kan. Ibi tí méjèèjì ti pàdé, pẹ̀lú owó, ni ẹjọ́ náà ti já sójú kan.

Ibi tí ìṣirò náà mọ

Ṣọ́ọ̀bù kékeré ní ìṣòro kan tí iléeṣẹ́ ńlá kò ní: ẹyọ díẹ̀ ló ń tà. Ká ní wọ́n ta wíìgì mẹ́jọ, méjì padà. Ìdá 25 nìyẹn, ó burú ju gáùn lọ. Ṣùgbọ́n nínú ẹyọ mẹ́jọ, orí ire àti orí burúkú ń ṣeré púpọ̀. Bí a bá ṣe ìṣirò ìdánilójú tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń lò, òótọ́ rẹ̀ lè wà níbikíbi láti ìdá 3 títí dé ìdá 65. Ìyẹn kò sọ nǹkan kan fún wa. Kí a tó yọ ọjà kúrò lórí àtẹ nítorí ìdá, ó dára kí ó ti tó ẹyọ ọgbọ̀n, kódà nígbà yẹn, àmì ni, kì í ṣe ìdájọ́. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a pa ọjà tó jọra pọ̀, gbogbo wíìgì tó wá láti ọwọ́ oníṣòwò kan náà fún àpẹẹrẹ, tàbí kí a fi ojú wo ọjà méjì tó padà yẹn kínníkínní. Nígbà tí ẹyọ kò bá pọ̀, àyẹ̀wò lórí tábìlì níyì ju ìdá lọ.

Ìṣòro kejì ni iyì tó ń dín kù pẹ̀lú àkókò. A sọ pé gáùn kò dín ní nǹkan kan. Òótọ́ ni ní oṣù Kẹwàá. Gáùn tí wọ́n rà fún ọdún Kérésì, tó padà dé ní oṣù Kìíní, lè jókòó títí di àsìkò Iléyá, tàbí kí wọ́n tà á ní ẹ̀dínwó. Ẹni tó ń ta ọjà ọdún ní láti kọ iye tí wọ́n tún un tà sínú ìwé nígbà tó bá lọ, kó má kàn gbà pé ohun gbogbo padà sí iye rẹ̀.

Ìkẹta, ìwé ìdápadà kò rí ẹni tí kò dá ọjà padà. Ẹni tí bílẹ́ńdà rẹ̀ lọ sí ìlú tó jìnnà, tó rò pé ohun tí òun máa gbà kò tó owó ọkọ̀ tí òun máa fi dá a padà, á gbé e jù sí igun ilé, kò sì ní rà lọ́dọ̀ yín mọ́. Ìdí nìyí tí ìdá kékeré láti ọ̀nà jíjìn fi yẹ ká fura sí, ká sì fi í wé ẹ̀sùn tó ń wọlé sórí WhatsApp láti ibẹ̀.

Èwo ni ká gbé kalẹ̀?

Nínú ọ̀nà mẹ́rin tí a yẹ̀ wò, iye lásán kò yẹ kó pinnu ohunkóhun. Ìdá dára láti fi ta wá lólobó, bí a bá fi ọjọ́ títà kà á. Owó lórí ẹyọ tí a tà, nígbà tí a bá fi wé èrè, ló ń sọ ọjà tó lè pa òwò. Ìdí tí ojú rí, tí a kọ owó sí lórí, ló ń sọ ohun tí a máa ṣe sí i. Ṣọ́ọ̀bù tó ní àyè fún ìwé kan ṣoṣo, èyí tó yẹ kó gbé kalẹ̀ ni tábìlì ọjà àti ìdí pẹ̀lú owó, kó sì máa tú u wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Bí àtúnṣe bá ti wọlé, kí wọ́n má fi gbogbo ṣọ́ọ̀bù díwọ̀n rẹ̀. Ìdá àpapọ̀ lè ga sókè nítorí pé wọ́n ta gáùn púpọ̀ lọ́dún yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pátánù tuntun ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n wo sáìsì 14 nìkan, láti ọjọ́ tí pátánù tuntun dé, títí ẹyọ ọgbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ á fi jáde tí àkókò ìdápadà wọn á sì kọjá. Bí ó bá wá sún mọ́ ìdá 9 ti àwọn sáìsì yòókù, iṣẹ́ ti parí níbẹ̀. Kí wọ́n gbé ojú lọ sí àyè tó tóbi tẹ̀ lé e. Bí ó bá ṣì wà ní 33, a jẹ́ pé kì í ṣe pátánù ló fà á, kí wọ́n tún gbé téèpù, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí tábìlì ìwọ̀n tí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò.